Ìdá 30 nínú kí ni? Ohun tí ìtanràn orí fíkísì túmọ̀ sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fi ₦500,000 sí fíkísì dìpósíìtì fún ọjọ́ 90, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ọjọ́ 60 ti pé báyìí, àbúrò mi sì nílò ₦120,000 fún owó ilé-ìwé. Báǹkì ní tí mo bá já a, ìtanràn ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ṣé ₦150,000 ni wọ́n máa yọ nínú owó mi nìyẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí n gbé e lọ síbì kan tí wọ́n ti ń san ìdá 8 lóṣù láìsí ìtanràn kankan. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Rárá o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ ₦150,000 lọ́wọ́ rẹ. Àbúrò mi, gbé fóònù sílẹ̀ ná, kí o má tíì tẹ nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan, gbogbo yín lẹ sì ń sọ ọ́ bíi pé ẹnu kan náà ló kọ́ yín. Mo mọ ibi tó ti wá. Ohùn kan ń lọ káàkiri orí Wasáàpù tí ń pariwo pé báǹkì á jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó ẹni tó bá já fíkísì rẹ̀. Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ kò purọ́ nípa iye. Ohun tó fi pamọ́ ni pé ìdá 30 nínú kí ni. Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn ló yẹ kí o kọ́kọ́ béèrè.

Níbi tó pọ̀ jù, nínú èlé tí owó rẹ ti bí ni. Kì í ṣe nínú ojú owó, ìyẹn owó tí o fi ọwọ́ ara rẹ kó lọ. Jẹ́ ká fi tìrẹ ṣírò. Ìdá 14.6 lórí ₦500,000 jẹ́ ₦73,000 lọ́dún. Pín in sí ọjọ́ 365, ₦200 ni owó rẹ ń bí lóòjọ́. Ọjọ́ 60 ti lọ, nítorí náà èlé tó ti bí jẹ́ ₦12,000. Ìdá 30 nínú ₦12,000 jẹ́ ₦3,600. Òun ni ìtanràn rẹ. ₦3,600, kì í ṣe ₦150,000.

Mo mọ ìdí tí àṣìṣe yìí fi tètè ń wọ̀ wá lọ́kàn. Àjọ la fi tọ́ wa dàgbà. Bí ìyá rẹ bá ń dá àjọ ojoojúmọ́, owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń mú lóṣù, inú owó tí ìyá rẹ dá gan-an ló sì ti ń mú un, torí àjọ kì í bímọ. A wá gbà pé bí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá wa tọ́jú owó ṣe ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Fíkísì yàtọ̀. Báǹkì kì í tì í mọ́ àpótí. Wọ́n á yá ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n fi ra ìwé gbèsè ìjọba tí yóò pé ní oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Èlé tó ga ju ti àkáǹtì ìpamọ́ lásán lọ tí wọ́n ń fún ọ, owó ìlérí rẹ ni: o ní o kò ní béèrè títí di ọjọ́ báyìí. Bí o bá wá béèrè ṣáájú, wọ́n á gba díẹ̀ padà nínú ohun tí wọ́n fi ra ìlérí náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kò sí ẹni tó ń já fíkísì tí owó tó wọlé fún un máa ń dín sí iye tó kó lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dà bíi pé báǹkì jẹ ojú owó. Jẹ́ kí n sọ ìtàn ọmọkùnrin kan fún ọ, kí o lè yẹ tìrẹ wò dáadáa kí o tó gbé ìgbésẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ báǹkì kí n tó kúrò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ̀ mí ló sì máa ń gbé ẹjọ́ wọn wá bá mi nílé. Èyí tí mo ń sọ yìí, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àkànní, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn, ó ń ṣe akọ̀wé ọjà ní ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn tó ń pín ohun mímu fún àwọn olùtajà, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé ní gbogbo ọjọ́ 26. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣẹ́ owó jọ, díẹ̀ lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́, díẹ̀ nínú àkáǹtì, títí ó fi pé mílíọ̀nù kan náírà géérégé. Ó kó o lọ sí báǹkì, ó ní kí wọ́n bá òun fi sí fíkísì fún ọjọ́ 180. Ìdá 14.6 ni wọ́n fún un lórí rẹ̀ náà.

Obìnrin tó ń kọ ìwé fún un bi í pé, "Ṣé kí a san èlé yín fún yín báyìí, àbí tó bá pé?"

Àkànní rẹ́rìn-ín. Ta ló ń kọ owó òní? Ó ní kí wọ́n san án báyìí. Kó tó délé ni aláàtì ti dún: ₦64,800. Ó fi ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó jẹ ìyókù, ó sì gbàgbé.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, onílé rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Owó ilé ti lọ sókè, ọdún méjì ló sì fẹ́ gbà pọ̀. Ohun tó kù tí Àkànní máa fi kún un jẹ́ ₦350,000. Ó ṣí áàpù báǹkì lóru ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ 100, ó rí ibi tí wọ́n kọ Liquidate sí, ó tẹ̀ ẹ́. Àpótí kékeré kan yọ, tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bíi kòkòrò. Ó tẹ Continue. Èmi náà mọ̀ pé ẹ kì í kà á.

Owó tó wọlé láàárọ̀ jẹ́ ₦962,200.

Ọjọ́ Sátidé ló wá bá mi, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ti ṣírò tirẹ̀ sórí ìwé. Ó ní mílíọ̀nù kan lòun kó lọ, wọ́n ti yọ ₦37,800 nínú òógùn òun. Ó ní àdéhùn sọ pé ìdá 25 nínú èlé ni ìtanràn. Èlé jẹ́ ₦64,800, ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ ₦16,200. Nítorí náà báǹkì ti ja òun lólè ₦21,600. Ó ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sílẹ̀, ìwé méjì ààbọ̀, ó fẹ́ kí n bá òun yẹ gírámà rẹ̀ wò.

Mo ní, "Àkànní, ₦64,800 tó wọlé lọ́jọ́ kìíní ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ, mà. Ìyẹn ni èlé mi."

"Èlé ọjọ́ mélòó?"

Kò dá mi lóhùn. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀: èlé ọjọ́ 180 ló ti jẹ, owó rẹ̀ kò sì lò ju ọjọ́ 100 lọ.

Mo yí àpòòwé kan padà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣírò fún un. Èmi náà á ṣe é fún ọ bí mo ṣe ṣe é fún un, torí kò sí nǹkan ìjìnlẹ̀ níbẹ̀, ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò ni.

Mílíọ̀nù kan ní ìdá 14.6 ń bí ₦400 lóòjọ́. Fún ọjọ́ 180, ìyẹn jẹ́ ₦72,000. Ìjọba ń gba owó orí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èlé fíkísì, báǹkì ló sì ń yọ ọ́ fún wọn kó tó dé ọwọ́ ẹni. Yọ ₦7,200 kúrò, ó ku ₦64,800. Òun ni wọ́n san fún un ṣáájú, lórí ìgbàgbọ́ pé yóò dúró pé ọjọ́ 180.

Kò dúró. Ọjọ́ 100 ló ṣe. Èlé tí owó rẹ̀ bí ní tòótọ́ jẹ́ ₦40,000. Ìtanràn ìdá 25 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦10,000, ó ku ₦30,000. Owó orí ìdá 10 yọ ₦3,000 níbẹ̀. Ohun tó tọ́ sí Àkànní lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦27,000. Ṣùgbọ́n ₦64,800 ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó ti fi ra bẹ́ẹ̀dì. ₦64,800 yọ ₦27,000 jẹ́ ₦37,800. Ibo ni báǹkì á ti gbà á padà bí kò ṣe nínú owó tó wà lọ́dọ̀ wọn? Ìdí nìyẹn tí ₦962,200 fi wọlé.

Àròpọ̀ ohun tó gbà lápapọ̀ ni kó wò: ₦962,200 àti ₦64,800. Ó jẹ́ ₦1,027,000. Ojú owó rẹ̀ pé, èlé ₦27,000 sì wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Òun ló ti jẹ oko kí iṣu tó ta.

Àti pé nínú ₦37,800 tó ń bínú sí, èyí tó jẹ́ ìtanràn gan-an kò ju ₦9,000 lọ (₦10,000 ni, àmọ́ owó orí ìbá ti mú ₦1,000 nínú rẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ sí ìtanràn). ₦28,800 tó kù jẹ́ èlé ọjọ́ 80 tí owó rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ rárá. Owó yẹn kò fìgbà kankan jẹ́ tirẹ̀.

Ó ya lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ òmíràn, kúkúrú, torí báǹkì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí kékeré yẹn, kò sí ibì kan tí wọ́n ti kọ iye tí yóò wọlé ní náírà. "Ìdá 25 nínú èlé" ni wọ́n kọ, ó parí. Ẹ̀rọ tó lè ṣírò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn kò jẹ́ kó sọ ọ́ jáde títí oníbàárà fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ìwà tí kò dára ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ rẹ. O kò sọ fún mi bóyá wọ́n ti san èlé rẹ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí wọ́n á san án tó bá pé. Lọ wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ ní ọjọ́ tí o ṣí fíkísì náà. Tí o bá rí owó kan tó wọlé lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, tó sún mọ́ ₦16,200, o ti gba èlé ṣáájú, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Àkànní ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọ bí o bá já a. Tí kò bá sí, ojú owó rẹ á wọlé pé, èlé díẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Má jẹ́ kí iye tó wọlé já ọ láyà nígbà tí o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ti ń sọ pé "níbi tó pọ̀ jù" láti òkè wá, ó ní ìdí. Àdéhùn báǹkì kan kì í ṣe ti ìkejì, èmi kò sì rí ìwé tìrẹ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn kì í yọ ìdá kan nínú èlé. Ńṣe ni wọ́n á sọ pé èlé ìdá 14.6 yẹn ti bàjẹ́, wọ́n á wá ṣírò gbogbo ọjọ́ tí owó lò ní èlé kékeré ti àkáǹtì ìpamọ́. Àwọn kan ní bí ọgbọ̀n ọjọ́ kò bá tíì pé, kò sí èlé rárá. Èyí tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù ni èyí tó so ìtanràn mọ́ ojú owó. Ó lè dà bíi pé ó kéré, ìdá 1 péré, àmọ́ ìdá 1 nínú ₦500,000 jẹ́ ₦5,000. Ẹni tó bá já tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, tí èlé rẹ̀ kò tíì ju ₦2,000 lọ, yóò fi ojú owó rẹ̀ san ìyókù. Níbẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ tọ̀nà. Ka ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ìjádekúrò ṣáájú ìpé nínú ìwé tí o fọwọ́ sí. Tí o kò bá rí i, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí báǹkì, kí o béèrè ohun kan péré: "Tí mo bá já a lónìí, náírà mélòó gan-an ni yóò wọ àkáǹtì mi?" Kí wọ́n kọ èsì. Má gba èyí tí wọ́n fi ẹnu sọ lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti yọ owó tí kò bá èsì náà mu, kọ ẹ̀sùn sí báǹkì náà fúnra rẹ̀ ná. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí àlàyé, gbé e lọ sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtanràn tó jẹ́ ìdá kan nínú èlé kì í dín kù bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́. Ó ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ 100 ni Àkànní já tirẹ̀, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Ká ní ọjọ́ 160 ló já a, èlé tó ti bí á jẹ́ ₦64,000, ìtanràn á sì di ₦16,000. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Mà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ìtanràn rẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́." Ìdàkejì rẹ̀ ni. Bí ọjọ́ ìpé ṣe ń sún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtanràn jíjá a ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni yíyá owó kékeré láti fi dúró dè é ń dín owó sí i.

Àkànní nílò ₦350,000, ó já mílíọ̀nù kan. Báǹkì rẹ̀ kò gbà kí èèyàn já apá kan, bí ọ̀pọ̀ wọn náà kò ṣe ń gbà. Bó bá ti pín in sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ₦500,000 níhìn-ín, ₦500,000 lọ́hùn-ún, ọ̀kan ni ì bá já, ohun tó pàdánù ì bá sì jẹ́ ìdajì, ₦18,900. Ọ̀nà kejì ni kó béèrè ẹ̀yáwó tí fíkísì náà fúnra rẹ̀ á dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Ọ̀pọ̀ báǹkì ń ṣe é, èlé rẹ̀ sì máa ń rọjú ju ti ẹ̀yáwó lásán lọ, torí ẹ̀rù kò bà wọ́n. Ká ní wọ́n gba ìdá 24 lọ́dún lọ́wọ́ rẹ̀: ₦350,000 fún ọjọ́ 80 yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦18,400, yàtọ̀ sí owó ìwé. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí jíjá ìdajì. Ṣùgbọ́n ká ní ogún ọjọ́ péré ló kù, ẹ̀yáwó kan náà yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦4,600, nígbà tí jíjá mílíọ̀nù náà ní ọjọ́ 160 á ná an ní ₦21,600. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀dùn ọkàn ló yẹ kó pinnu. Ọjọ́ tó kù ni.

Nípa ọ̀rẹ́ rẹ tó ní ìdá 8 lóṣù. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣòfò lórí èyí. Ìdá 8 lóṣù lórí ₦500,000 jẹ́ ₦40,000 ní oṣù kan. Báǹkì tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó gan-an kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ibi tí kò ti sí ìtanràn tí owó sì ń jáde nígbà tó wù ọ́, béèrè ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Àwọn tó fi owó sínú MMM náà kò san ìtanràn títí di oṣù Kejìlá ọdún 2016 tí wọ́n tì í pa. Àwọn tó kó owó lọ sí CBEX kò san án títí di oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí wọn kò rí owó gbà mọ́ tí àwọn èèyàn fi ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn, tí wọ́n ń gbé àga. Owó rẹ tó wà ní báǹkì olówò tó ní ìwé àṣẹ, àjọ NDIC ti fi ìdánilójú dé e títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà láti ọdún 2024, fíkísì sì wà nínú rẹ̀. Ta ló fi ìdánilójú dé ti ọ̀rẹ́ rẹ? Mi ò bínú sí i o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bi í bóyá wọ́n ń fún un ní nǹkan lórí ẹni tó bá mú wá.

Ohun tí ìwọ máa ṣe nìyí, bí gbogbo ohun tí o sọ fún mi bá rí bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì tíì san èlé fún ọ. Tí o bá já a lónìí, èlé ₦12,000, yọ ìtanràn ₦3,600, ó ku ₦8,400. Yọ owó orí ₦840, ó ku ₦7,560. ₦507,560 ni yóò wọlé. Tí o bá dúró ọgbọ̀n ọjọ́ tó kù, èlé á jẹ́ ₦18,000, owó orí á mú ₦1,800, ₦16,200 á kù fún ọ. Jíjá a lónìí á ná ọ ní ₦8,640. Fi iye yẹn sí ọwọ́ òsì.

Sí ọwọ́ ọ̀tún, béèrè iye tí ₦120,000 yóò ná ọ fún oṣù kan. Bí alájẹṣẹ́kù bá wà ní ibi iṣẹ́ rẹ tó ń yáni ní ìdá 2 lóṣù, ₦2,400 ni. Yá a, san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ, jẹ́ kí fíkísì rẹ pé, kí o sì fi san án padà. Bí kò bá sí ju àwọn áàpù ẹ̀yáwó orí fóònù tó ń gba ìdá 20 lóṣù lọ, ₦24,000 nìyẹn. Já fíkísì rẹ, san ìtanràn, kí o sùn. Tàbí kí o lọ bá akápò ilé-ìwé náà kí o sọ pé o lè san ìdajì báyìí, kí ìdajì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, wọn kì í kàn fi síta ni.

Kí o sì tó pa áàpù náà dé, wo ibi tí wọ́n kọ Rollover sí. Bó bá wà ní títàn, lọ́jọ́ tí owó rẹ bá pé ni ẹ̀rọ á tún tì í mọ́ fún ọjọ́ 90 mìíràn láìbi ọ́, tí o bá sì dé ní ọjọ́ kejì, jíjá ni wọ́n á tún pè é. Pa á lónìí.